Ẹ̀dà Mẹ́rin Ikú Ògúngbèmí

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tí ò ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn un nì, gbé e mì tàbí kí o bù fún mi, nítorí n kò lè máa sọ̀rọ̀ ikú kí ẹnì kan máa run ẹ̀pà mọ́ mi létí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ẹ ti gbọ́ tèmi tó: bí mo ṣe fi ẹ̀tù ìbọn kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì, bí mo ṣe bá iwin jìjàkadì tí mo sì fi í ṣe ìrọ̀rí sùn. Ẹ má wo ojú ara yín, òótọ́ ni. Ti Ọdẹ́rìndé ọmọ Ògúngbèmí ni mo fẹ́ sọ lónìí, ará Òkè-Àgbọ̀nrín. Ó rìnrìn-àjò lọ wo eré kan ṣoṣo. Bàbá méjì ló ní nígbà tó ń lọ, ọ̀kan kú, ọ̀kan wà láàyè. Nígbà tó máa fi dé, kò ní ọ̀kankan mọ́.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí Ògúngbèmí àti Akínlàjà jọ wọgbó. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, ọ̀rẹ́ débi pé ìkòkò ọbẹ̀ kan ni wọ́n ń bù jẹ. Lọ́jọ́ keje, Akínlàjà nìkan ló padà. Fìlà Ògúngbèmí wà lọ́wọ́ rẹ̀, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀ bí òjò. Ó ní ẹkùn ló gbé ọ̀rẹ́ òun lọ, pé òun lé e ní gbogbo òru, pé fìlà nìkan ni òun rí. Ta ni yóò rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbà á gbọ́?

Akínlàjà ló mú Ọdẹ́rìndé tọ́. Ó kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn, ó kọ́ ọ bí a ti ń ka ipasẹ̀ ẹran nínú ìrì. Bí wọ́n bá sun iṣu lóko, Akínlàjà á fi ọbẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó jóná, á jẹ ẹ̀yìn, á fún ọmọ ní inú funfun. “Bàbá” ni Ọdẹ́rìndé ń pè é, kò sì fi ẹnu pè é lásán. Ní ọdún tí Ògúngbèmí kú gan-an ló yẹ kí wọ́n fi Ògúngbèmí jẹ Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ. Akínlàjà ni wọ́n wá fi jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan sí i, nítorí ta ló tún kù?

Ẹ̀yin mọ àṣà wa. Bí ọdẹ bá kú, a ó ṣe ìṣípà fún un. A ó kó ohun ọdẹ rẹ̀ sínú agbọ̀n ògbólógbòó, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á dìde, á sọ bí bàbá òun ṣe kú, lẹ́yìn náà la ó gbé agbọ̀n náà lọ sínú igbó, kí òkú lè fi àwọn alààyè sílẹ̀. Akínlàjà ń sún ti Ògúngbèmí síwájú. Ó ní a ò rí òkú, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Sùúrù náà di ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìgbà tí Ọdẹ́rìndé di géńdé ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ṣe é. Ó dìde, ó sọ ìtàn ẹkùn bí bàbá alágbàtọ́ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, gbogbo ìlú sì bá a gbe orin rẹ̀, torí orin wà nínú ìtàn náà. Wọ́n gbé agbọ̀n lọ sígbó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, agbọ̀n ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọdẹ́rìndé, ìrì wà lára rẹ̀. Wọ́n tún gbé e lọ, ó padà. Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún padà.

Àgbà ọdẹ kan tí kò léyín mọ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Òkú ò gbà á. Ìtàn tí ẹ ń sọ lórí agbọ̀n yìí kì í ṣe tirẹ̀. Ọdẹ́rìndé, lọ sí Ìlú Àwòtúnwò. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú igbó, àwọn iwin ibẹ̀ a fi ṣeré, wọn a sì yà á sára aṣọ funfun. Lọ wo ikú bàbá rẹ, kí o wá sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní sinmi, ìwọ náà ò sì ní sinmi.”

Akínlàjà pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ilé. “Má lọ, ọmọ mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.”

“Bàbá, mo gbọ́dọ̀ lọ. Agbọ̀n yìí ò jẹ́ kí ìyá mi sùn mọ́.”

Akínlàjà gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ̀dà mẹ́rin ni eré náà ní, ọ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò sì gbà kí o wò. Ẹ̀kẹrin ni kí o wò. Èdè wa ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò gùn, kò ní dá ọ lágara. Má fi ojú rẹ ṣòfò lórí èyí àkọ́kọ́. Ó ti gbó, kò tilẹ̀ ní ohùn.”

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi í. Ta ní í bi bàbá rẹ̀ pé ibo lo ti mọ̀ ọ́n?

Ó wọ Igbó Ahọ́n, níbi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ahọ́n, tí gbogbo wọn ń rojọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá dúró gbọ́ wọn á dúró títí á fi hu gbòǹgbò. Ọdẹ́rìndé fi òwú di etí, ó sì kọjá. Ó pàdé Olórí-òkúta, iwin tí kò lápá, tó jẹ́ pé orí ló fi ń jà. Ó kan Ọdẹ́rìndé nígbà méje, Ọdẹ́rìndé sì ṣubú nígbà méje. Lẹ́ẹ̀kẹjọ, Ọdẹ́rìndé yẹ̀ fún un, orí iwin náà wọ igi ìrókò, kò sì lè fà á yọ. Èmi ì bá ti yẹ̀ ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé ni Ọdẹ́rìndé nígbà náà.

Lẹ́yìn ìrókò náà ni iwin mìíràn tó ń jẹ́ Olójú-mẹ́rin jókòó sí, níbi tí odò mẹ́ta ti ń ṣàn kọjá. Ó ní, “Òùngbẹ ń gbẹ ọ́. Odò mẹ́ta nìyí, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀kan mọ́ gaara, ọ̀kan fẹ̀ bí ọ̀nà ọjà, ọ̀kan ń kọrin. Mu ọ̀kan, kí n mọ̀ bóyá o ní làákàyè. Bí o bá mu èyí tí kò dáa, ibí ni o máa sùn sí títí láé.”

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n. Kò mu. Ó gba etí omi gòkè bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ó rí i pé èyí tó mọ́ àti èyí tó ń kọrin, inú èyí tó fẹ̀ ni wọ́n ti ya. Nínú èyí tó fẹ̀, lókè ibi tí wọ́n ti ya, òkú ẹtu kan ti rà síbẹ̀. Ó kọjá òkú náà, ó lọ mu omi lójú ìsun.

Olójú-mẹ́rin rẹ́rìn-ín. “Àwọn tó kú síbí, èyí tó mọ́ gaara ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mu. Wọn ò bi í pé inú ta ló ti ń bọ̀. Máa lọ.”

Báyìí ni Ọdẹ́rìndé ṣe wọ Ìlú Àwòtúnwò. Ẹ̀yin ará mi, ìlú náà le! Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: wọn a wo eré, wọn a sì jà lórí eré. Kó tó jókòó, iwin mẹ́ta ti dì í láṣọ mú.

“Ikú Ògúngbèmí lo wá wò? Ẹ̀kejì ni o! Ọkùnrin tó ṣe Ògúngbèmí níbẹ̀ rẹwà, ọmọ ọba iwin ni, eyín rẹ̀ funfun báyìí!”

“Dákẹ́ jàre. Ẹ̀kẹta! Ọjọ́ méjìlá gbáko ni wọ́n fi ń wò ó. Kí ni èèyàn máa rí nínú èyí tí kò pé ọjọ́ kan?”

“Ẹ̀kẹrin ni èmi wò ní kékeré. Kò sí èyí tó dáa tó o.”

Ọdẹ́rìndé wò wọ́n títí. Olúkúlùkù wọn ń sọ èyí tó dùn mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi wíwò ṣe.

Ẹni tó bi í ni Ìyá Aláwòrán, arúgbó iwin tó ń tọ́jú àwọn eré nínú ihò àpáta. Ojú rẹ̀ fọ́ méjèèjì. Ó ní wíwò ló fọ́ ọ. “Òróró tí a ó fi pa ojú rẹ, ojú ọmọ aráyé kò lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa wò. Nítorí náà, kí lo fẹ́ fi ṣe? Bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo ní èyí tí o máa wò. Bí o bá fẹ́ sunkún, mo ní in.”

“Ìyá, mo fẹ́ mọ bí bàbá mi ṣe kú.”

“Háà.” Ó wá ibi jókòó. “Ìyẹn yàtọ̀. Béèrè, mo ń dáhùn.”

Ọdẹ́rìndé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọ ipasẹ̀. “Èwo ló ti inú èwo jáde?”

Inú Ìyá Aláwòrán dùn, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ọdún tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe èkínní. Iwin kan tó ń gbé orí igi ní ibẹ̀ gan-an ló fojú rí i, tó sì ṣe é. Kò mọ ohùn-ún gbà, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ẹ̀kejì, inú èkínní ni wọ́n ti wò ó ṣe. Wọ́n fi àwọ̀ sí i, wọ́n fi ọmọbìnrin arẹwà kan sí i tí kò sí níbẹ̀ rí, wọ́n sì jẹ́ kí Ògúngbèmí jáde nínú kòtò ní ìgbẹ̀yìn, torí àwọn òǹwòran kò fẹ́ kó kú. Ẹ̀kẹta kò ti inú méjèèjì jáde. Ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Èdè iwin ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ aṣọ.

“Ẹ̀kẹrin ńkọ́?”

“Ọmọ ẹ̀kẹta ni. Wọ́n gé e kúrú fún àwọn ọmọdé, wọ́n yọ ibi tó lẹ́rù kúrò, wọ́n sì fi ohùn Yorùbá bò ó. Ó rọrùn-ún wò o. Ṣùgbọ́n kí ohùn lè bá ẹnu àwọn òṣèré mu, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà níbi púpọ̀. Bí o bá fẹ́ ìtàn ẹ̀kẹta, kó o kúkú fojú rẹ ka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀.”

Ọkàn Ọdẹ́rìndé pín sí méjì. Ẹ̀kẹrin ni bàbá rẹ̀ ní kó wò, ìlérí sì ni ìdúpẹ́ tó ṣe lẹ́yìn ilé. Ẹ̀kẹta sì ti ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ wá, kí ló tún ju ìyẹn lọ? Ó ṣí ẹnu láti pè é. Ó pa á dé. Èèyàn méjì péré ló wọgbó lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan kú. Ẹnu tí ẹ̀kẹta ti wá, òun ti gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, agbọ̀n sì ń padà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan ta á lára.

“Ìyá, ẹ ní Ògúngbèmí jáde nínú kòtò. Kòtò wo? Ẹkùn ló gbé bàbá mi.”

“Inú ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni ẹkùn wà. Kò sí ẹkùn nínú èkínní. Kò sí nínú ẹ̀kejì náà.”

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Èkínní ni mo fẹ́ wò.”

Arúgbó náà gbé àtùpà rẹ̀ wá. Ibẹ̀, òróró ni wọ́n fi ń wọn eré: bí òróró bá tán, eré tán. Ó rọ òróró dé ìlà kejì lára àtùpà. Ọdẹ ni ọdẹ ń jẹ́ o, ojú rẹ̀ ò fo nǹkan. Ọdẹ́rìndé ti rí pátákó tó wà lẹ́nu ihò, níbi tí wọ́n ti fín ìwọ̀n eré kọ̀ọ̀kan sí. Ìlà mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkínní.

“Ìyá, ìlà mẹ́ta ló wà lóde. Ìlà méjì lẹ rọ.”

Ọwọ́ arúgbó náà dúró. “Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò ó. Wọ́n gé e.”

“Ta ló gé e?”

“Ará ilé olóòkú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí a gé e. Ọkùnrin kan wá láti ayé yín, kò tíì pé ọdún kan tí a ṣe eré náà. Ó ní ẹbí Ògúngbèmí ni òun, pé ó fi ọmọ kékeré sílẹ̀, pé kò yẹ kí ọmọ náà rí ibẹ̀ láé. Ó sunkún débi pé àánú ṣe mí. Ó jókòó sí ibi tí o jókòó sí yìí, ó sì sọ ìtàn ẹ̀kẹta fún àwọn eléré wa látòkèdélẹ̀, pẹ̀lú orin. Irun erin ló so mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì.”

Irun erin! Ọdẹ́rìndé ni ó máa ń bá Akínlàjà tún irun erin náà so bó bá tú. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, àwọn àgbà ti wí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ jẹ́ kó ṣẹ sí yín lára ná, kí ẹ wá mọ̀ pé òwe kì í tu èèyàn nínú. Ó ní, “Ẹ ti ju ibi tí ẹ gé náà nù?”

“A kì í ju nǹkan nù níbí. Ó wà nínú ìkòkò.” Arúgbó náà fọwọ́ wá inú ìkòkò, ó mú un jáde, ó lẹ̀ ẹ́ padà sáàyè rẹ̀. Ó rọ òróró dé ìlà kẹta. Ó fi òróró pa ojú Ọdẹ́rìndé.

Ó wò ó. Àwòrán náà ń gbọ̀n, ó dúdú létí, kò sì dún. Ẹran kan já sí kòtò jíjìn, àwọn ọdẹ méjì sì dúró sí etí rẹ̀. Ògúngbèmí so okùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó di ẹran mọ́ okùn, Akínlàjà fà á sókè. Ó di ìbọn rẹ̀ mọ́ okùn, Akínlàjà fà á sókè. Ògúngbèmí wá na ọwọ́ sókè pé ó kan òun. Ibẹ̀ gan-an ni ìlà kejì tán sí. Ìlà kẹta bẹ̀rẹ̀. Akínlàjà lóṣòó, ó ká okùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi kọ́ èjìká. Kò sá lọ. Ó dáná. Ó sun iṣu létí kòtò, ó jẹ ẹ́, ẹ̀yìn àti inú. Fìlà kan fò jáde láti inú kòtò, ó já sílẹ̀. Ògúngbèmí ló jù ú, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè mọ ibi tí òun wà. Akínlàjà mú fìlà náà, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Ó jókòó. Nígbà tí ohunkóhun kò jáde láti inú kòtò mọ́, ó dìde, ó fi omi ẹnu ra ojú, ó ń dán ẹkún wò.

Òróró tán. Ọdẹ́rìndé sunkún nínú ihò náà títí omi ojú rẹ̀ fi fọ òróró nù. Kì í ṣe ẹkún Ògúngbèmí ló ń sun, òun kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹkún Akínlàjà ló ń sun.

N kò ní fi ọ̀nà ìpadà dá yín dúró. Nígbà tó délé, ó ní kí wọ́n gbé agbọ̀n jáde. Gbogbo ọdẹ péjọ, ìyá rẹ̀ jókòó pẹ̀lú fìlà náà lórí itan, Akínlàjà sì wà lórí àga Olúọdẹ láàárín wọn. Ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ̀kẹrin lo wò, àbí?”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bàbá.”

Ọdẹ́rìndé dìde dúró ti agbọ̀n. Àwọn èèyàn ti gbe orin ẹkùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, torí ìtàn tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fẹ́. Kò bá wọn gbè é. Orin náà kú díẹ̀díẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó mú okùn, ó sọ ọ́ sẹ́yìn agbọ̀n bí ẹni pé kòtò ló wà níbẹ̀. Ó fa ẹran sókè. Ó fa ìbọn sókè. Ó na ọwọ́ láti ìsàlẹ̀, pé ó kan òun. Lẹ́yìn náà ló ká okùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi kọ́ èjìká. Ó jókòó. Ó ń ha ẹ̀yìn iṣu tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kékeré, ó ń jẹ. Ó nawọ́ sí itan ìyá rẹ̀, ó mú fìlà, ó gbọn ọ́n.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Akínlàjà fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

“Ibo lo ti rí i? Mo ní kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò!”

Ìyá Ọdẹ́rìndé ló kọ́kọ́ figbe ta. Àwọn ọdẹ gba irun erin lọ́wọ́ Akínlàjà, wọ́n gba ìbọn rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má tún tẹ Òkè-Àgbọ̀nrín mọ́. Wọ́n gbé agbọ̀n lọ sígbó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Títí di òní, kò padà.

Akínlàjà dúró lẹ́nu odi ìlú, ó wo ẹ̀yìn. “Ọmọ mi, iṣu tí mo ń ha fún ọ, ṣé o máa ní ìyẹn náà kò ṣẹlẹ̀ ni?”

Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn ún jù. Ó ti darúgbó báyìí, ó jù mí lọ, bí a bá sì jọ sun iṣu lóko, á jẹ́ kí tirẹ̀ jóná di eérú. Ó ṣe tán, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Bù fún mi nínú ẹ̀pà yẹn.